Èló ni kí n máa gbà fún wákàtí kan?

Ọmọ Mókọ́lá: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ dìsáìn ni mò ń ṣe fún ara mi n'Íbàdàn láti ọdún méjì. Lóṣù kan owó á ya wọlé, lóṣù kejì màá máa yá owó dátà. Mo fẹ́ kí 400,000 náírà máa jẹ́ tèmi lóṣooṣù. Èló ni kí n máa gbà fún wákàtí kan?

Kíkẹ́: Ìyẹn ò le. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, 160 ni lóṣù. Pín 400,000 sí 160, ó di 2,500. Gba 3,000 nítorí epo jẹnẹrétọ̀, ó tán.

Ẹ̀gbọ́n Àwọ̀: Kíkẹ́, ọ̀nà ni pípín yẹn, 160 yẹn gan-an ni kò sí níbì kankan. Mo kọ wákàtí mi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan rí. Nínú mẹ́jọ tí mo fi jókòó, mẹ́rin péré lẹnìkan sanwó fún. Wásáàpù ló jẹ ìyókù, àti lílépa gbèsè, àti dídúró de iná. Nítorí náà 20 wákàtí ni kí o kà lọ́sẹ̀. Yọ ọ̀sẹ̀ méje kúrò fún àjọ̀dún, àìsàn àti oṣù kìíní tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn máa ń gbẹ. Ọ̀sẹ̀ 45 ló kù, ìyẹn 900 wákàtí lọ́dún, 75 lóṣù.

Wá ka ohun tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ká ní dátà, epo àti owó sọ́fítíwíà jẹ́ 110,000 lóṣù. Kọ̀ǹpútà rẹ ò ní wà títí: bí òmíràn yóò bá gba 1,440,000 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 40,000 lóṣù nìyẹn. Àpapọ̀ 150,000. Fi 400,000 rẹ lé e, ó di 550,000 lóṣù, 6,600,000 lọ́dún. Pín in sí 900, wàá rí 7,333. Pè é ní 7,500, owó orí ò tíì sí nínú rẹ̀ o. Bí o bá gba 3,000 Kíkẹ́, 225,000 ni 75 wákàtí yóò mú wá. Iṣẹ́ á jẹ 150,000 nínú rẹ̀, 75,000 lo máa fi jẹun.

Kíkẹ́: Háà. 75,000 kẹ̀!

Bàbá Ṣómólú: Ta ló ń ka wákàtí fún fúláyà? Níbi tí a ti ń tẹ̀wé, iye ẹ̀dà la fi ń díye lé e. Oníbàárà kò béèrè ju "èló ni gbogbo ẹ̀?" lọ. Inú owó ìtẹ̀wé ni mo máa ń fi ti dìsáìn pamọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n Àwọ̀: Bàbá, òun kì í tẹ̀wé, kò ní ibi tí yóò fi í pamọ́ sí. Àmọ́ ẹ sọ òótọ́ kan: kó má dárúkọ wákàtí fún wọn rárá. Òṣùwọ̀n ti ara rẹ̀ ni 7,500. Fúláyà tó bá gba wákàtí mẹ́ta, 22,500 ni kó pè é, pẹ̀lú àtúnṣe méjì. Àtúnṣe kẹta ní owó tirẹ̀. Kó sì máa wo aago. Bí "ẹ kàn bá mi yí àwọ̀ yìí díẹ̀" bá sọ mẹ́ta di márùn-ún, 4,500 ló gbà fún wákàtí, kò kàn mọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n iye wákàtí nìkan kò lè mú owó dúró. Àdéhùn oṣooṣù ló ń ṣe é. Wá ilé ìwé kan àti ilé oúnjẹ kan tó ń gbé nǹkan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 20 wákàtí lóṣù, kí wọ́n san 150,000 kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀. Ó di 300,000 kí o tó wá ẹnikẹ́ni kiri. Wákàtí tí wọn ò bá lò ti lọ nìyẹn. Lóṣù tí owó bá wọlé púpọ̀, 400,000 náà ni kí o san fún ara rẹ, kí ìyókù wà ní àkáǹtì mìíràn de oṣù gbígbẹ.

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù: Iye ọjọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́ ni èmi fi ń gba owó níbí, kì í ṣe wákàtí. Mo ní oníbàárà oṣooṣù kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo owó mi. Wọ́n fi lẹ́tà ìlà méjì dá mi dúró, oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó lásán. Kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí wọ́n fún ọ ní ìkìlọ̀ oṣù kan. Lórí wákàtí tí wọn ò lò, mi ò bá ẹ̀gbọ́n lọ. Mo máa ń jẹ́ kó wọ oṣù kejì lẹ́ẹ̀kan, ìdí tí wọn kì í fi í sá nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Àwọ̀: Àti ọjọ́ tí oníbàárà mẹ́ta bá kó wákàtí jọ wá lọ́sẹ̀ kan náà ńkọ́?

Ọmọ Mókọ́lá: Ẹ ṣeun gan-an. 8,000 làwọn oníbàárà mi àtijọ́ ń san fún fúláyà o. Ṣé kí n kàn pè é ní 22,500 lójijì?

Ẹ̀gbọ́n Àwọ̀: Ẹni tuntun ni kí o kọ́kọ́ pè é fún. Àwọn àtijọ́, sọ fún wọn pé 12,000 ni láti oṣù tó ń bọ̀, kí o wo iye ẹni tó kù.

Kíkẹ́: Ìdajì wọn á sá.

Bàbá Ṣómólú: Kí wọ́n máa bọ̀ ní Ṣómólú.