Níbo ni "ß" ti tọ́, níbo ni "ss" ti tọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìdánwò èdè Jámánì mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bíró la ó sì fi kọ lẹ́tà níbẹ̀. Mo kọ èyí fún olùkọ́ mi: "Ich habe auf der strasse etwas gegeßen. Das essen war heiss." Bíró pupa bò ó. Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó yẹ?

Ọmọ Àkúrẹ́: Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Wọ́n ti pa "ß" rẹ́ láti 1996. Ẹ sáà máa kọ "ss".

Bọ̀dá Jámánì: Àbúrò, kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ẹ̀yìn fáwẹ́ẹ̀lì kúkúrú nìkan ni àtúnṣe 1996 ti gbà á kúrò: "daß" di "dass", "Fluß" di "Fluss". Tí fáwẹ́ẹ̀lì bá gùn bí "aa" inú "aago" wa, tàbí tó jẹ́ méjì tó wọnú ara wọn bí "ei", "ß" ṣì wà níbẹ̀. Òun ló fi jẹ́ "Straße" àti "heiß".

Nọ́ọ̀sì, ẹ wo ọ̀rọ̀ jíjẹun yìí. "Essen", "isst", "gegessen": ohùn wọn kúrú, "ss" ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹ jẹun lánàá, "ich aß" ni, torí "a" yẹn gùn. Nítorí náà ẹ pè é jáde lẹ́nu kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.

"Das Essen" ń fẹ́ lẹ́tà ńlá, oúnjẹ ni, "das" sì ṣíwájú ẹ̀. "Straße" náà ń fẹ́ ẹ. Ìṣe ni "gegessen", kékeré ni tiẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi kọ "Straße" nílé ìwé wọn ní Súríìkì, tíṣà fagi lé e!

Bọ̀dá Jámánì: Òótọ́ ni, Mọ̀mí. Wọn kì í lo "ß" ní Súwísáláǹdì, "ss" ni wọ́n ń kọ.

Àǹtí Tíṣà: Nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí "ß" yín jọ "B" o. Ẹ fa igi apá òsì ẹ̀ kọjá ìlà sísàlẹ̀, ẹ má sì pa ìdí ẹ̀ dé. "S", "W" àti "Z", ńlá àti kékeré wọn jọra. Ẹ jẹ́ kí ńlá ga tó "t", kí kékeré mọ níwọ̀n "a". Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lè mọ̀ ọ́n, kí ẹni tó ń máàkì má mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti tún un kọ: "Ich habe auf der Straße etwas gegessen. Das Essen war heiß." "Haus" wá ńkọ́? "Au" jẹ́ méjì tó wọnú ara wọn, síbẹ̀ "s" kan ló ní.

Bọ̀dá Jámánì: Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: "Häuser". "S" inú ẹ̀ ń kùn bí oyin, ẹ kọ "s" kan. "Fuß" di "Füße", kò kùn, "ß" ni.

Ọmọ Àkúrẹ́: Ẹ̀gbọ́n, èdè tiwa ò ní ohùn tó ń kùn yẹn. Báwo la ṣe máa gbọ́ ọ?

Bọ̀dá Jámánì: Ẹ fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun yín, á máa gbọ̀n. Àmọ́ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ará gúúsù Jámánì, kì í fi bẹ́ẹ̀ kùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lọ́hùn-ún, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?