Ta ló ti rí bàbá ńlá rẹ̀ nínú ìwé àwọn ajíyìnrere? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Lọ́kọ́ja (Àbújá): Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ìjọ ni bàbá ńlá wa ní Lọ́kọ́ja nígbà ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Mo wo orúkọ inú CA2, apá kan nínú àkáífù CMS, ẹgbẹ́ ajíyìnrere ìjọ Áńgílíkà, látòkè délẹ̀, n kò rí i.

Bàbá Kúbwà: Àkáífù Kàdúná ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ lọ síbẹ̀.

Àdùkẹ́ Jọ́ọ̀sì: Bàbá, fáìlì ìjọba ló pọ̀ jù ní Kàdúná. Ìwé CMS tó kù nílé wà ní àkáífù Ìbàdàn, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ́nù sì wà ní yunifásítì Bámíńgámù. Ọmọ Lọ́kọ́ja, ilẹ̀ Yorùbá ni CA2. Abẹ́ iṣẹ́ ìyìnrere Odò Ọya ni Lọ́kọ́ja wà, CA3 nìyẹn. Ibi téèyàn ti ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìlú rẹ̀. Ẹ wo James Thomas, ọmọ Yàgbà tí wọ́n kó lẹ́rú, tó dòmìnira ní Sàró, tó wá di ajíyìnrere ní Gbébe, lẹ́yìn náà ní Lọ́kọ́ja. CA3 ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà.

Ọmọ Yàgbà: Yàgbà! Ẹ ṣeun, mà.

Ìyá Ìbejì: Èmi ń wá ìwé ìrìbọmi màmá mi, Sàríà ni wọ́n bí wọn sí. CA mélòó nìyẹn?

Àdùkẹ́ Jọ́ọ̀sì: Ẹ bá akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti rì wọ́n bọmi sọ̀rọ̀, mà.

Túndé Kàdúná: Èèyàn tiwa ní Ìbàdàn dàwátì nínú ìwé lẹ́yìn 1880. Àwọn ẹbí ní ó fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀ ni. Irọ́ ni! Títí di 1880, orúkọ ẹni tó kọ̀wé ni wọ́n fi ń to ìwé CMS. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún àti nọ́ńbà ni, nínú G3 A2 tó rọ́pò CA2, ti gbogbo èèyàn sì dà pọ̀. Samuel Johnson gan-an rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dúró sórí CA2 á rò pé ó dákẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ló ń ṣe ní Ọ̀yọ́ títí ó fi kú ní 1901.

Bàbá Kúbwà: Ṣé tíṣà kékeré náà ní fáìlì?

Àdùkẹ́ Jọ́ọ̀sì: Ó ṣọ̀wọ́n, sà. Ẹ ka ìwé àlùfáà tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé wọ́n gbé tíṣà lọ síbòmíràn, tàbí pé ó ṣàìsàn.

Ayọ̀ Mínà: Ẹ má tètè yọ̀ o. Orúkọ òyìnbó tó ń fowó ránṣẹ́ ni wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ní Sàró. James Thomas kò lè jẹ́ ẹyọ kan.

Ọmọ Yàgbà: Tiwa fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé Yàgbà lòun.

Ayọ̀ Mínà: Mo gbà fún ìyẹn. Àwọn yòókù ńkọ́? Mojola Agbebi, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi náà, David Brown Vincent ló ń jẹ́ títí di 1894. Ẹni tó bá ń wá Agbebi nínú ìwé ìròyìn 1885, asán ló ń wá.

Ọmọ Lọ́kọ́ja: Ọ̀rọ̀ ilé wa gan-an nìyẹn. Orúkọ Yorùbá nìkan là ń jẹ́ báyìí, kò sẹ́ni tó rántí ti Sàró.

Àdùkẹ́ Jọ́ọ̀sì: Ẹ wá ìrìbọmi gbogbo ọmọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà ìjọ, kí ẹ tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Bí orúkọ bàbá bá yí láàárín ọmọ kan sí èkejì, tí orúkọ ìyá àti iṣẹ́ bàbá kò yí, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un.