Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nínú ìpolówó kápúsù ewúro

Adébísí (Ìbàdàn):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oníbàárà mi kan gbé ìpolówó rédíò wá pé kí n bá òun tún Yorùbá rẹ̀ ṣe. Kápúsù ewúro ló ń tà. Mo ti yọ orúkọ ọjà náà kúrò, àmọ́ "ṣúgà" wà nínú orúkọ ọ̀hún. Ó ń búra pé kò síbi tí òun ti sọ pé ó ń wo àìsàn sàn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, báwo ni kí n ṣe tún un kọ? Kí sì ni Yorùbá tí a lè fi pe irú ìlérí tí wọn kò là lẹ́nu yìí? Ọ̀rọ̀ náà nìyí:

"Ṣé eèrà ń ṣù bo ìtọ̀ yín? Ṣé òùngbẹ kì í jẹ́ kí ẹ sùn lóru? Ẹ fọkàn balẹ̀, ìrànwọ́ ti dé! Ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń dá ṣúgà padà sáyè rẹ̀. Màmá kan ní Mọ́níyà ti gbàgbé abẹ́rẹ́. Ewé lásán ni, kò léwu. NAFDAC fọwọ́ sí i."

Bàbá Olùkọ́ (Ìjẹ̀bú-Òde):
Oníbàárà rẹ kò purọ́ tán, ọmọ mi. Mo wá "wò sàn" títí, n kò rí i. N kò rí "lé àìsàn lọ", n kò rí "pa á run". Ibi kan ṣoṣo tó ti yọ ẹsẹ̀ ni "ó ń dá ṣúgà padà sáyè rẹ̀". Sọ ọ́ di "ó ń ran ara lọ́wọ́ láti dá ṣúgà padà sáyè rẹ̀", iṣẹ́ parí. Ní ti orúkọ, "ìlérí abẹ́nú" ni mo dá lábàá.

Ìyá Apòògùn (Òṣogbo):
Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Lóòótọ́ ni pé "wò sàn" kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè àkọ́kọ́. Ta ni eèrà ń ṣù bo ìtọ̀ rẹ̀? Kò sí ọmọ Yorùbá tó ti dàgbà tí kò mọ ìdáhùn. Nígbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti gòkè kọjá nǹkan bí 180 lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n, agbára kíndìnrín kì í ká a mọ́. Á tú sínú ìtọ̀, á sì fa omi tẹ̀lé ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí eèrà fi ń wá, òun náà ló sì ń fa òùngbẹ òru. Àmì àìsàn náà gan-an ni ìbéèrè méjèèjì. Ẹni tó bá ka àmì àìsàn kan fún mi, tó wá ní "ẹ fọkàn balẹ̀, ìrànwọ́ ti dé", ti sọ fún mi pé òun mú oògùn rẹ̀ wá.

Mo máa ń dán irú ọ̀rọ̀ báyìí wò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo á kà á sétí ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa ọjà náà, mo á ní, "Kí ni wọ́n ń tà? Fún ta ni?" Bí ó bá ní "oògùn ìtọ̀ ṣúgà", ìpolówó ti sọ ọ́ nìyẹn, yálà ó là á lẹ́nu tàbí kò là á. Èyí tó wọ etí olùgbọ́ ni à ń yẹ̀ wò. Adébísí, lọ ṣe bẹ́ẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Bàbá, "ràn lọ́wọ́" yín kò gbà wá sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ó ń ràn lọ́wọ́ kò yí padà, ìtọ́jú àìsàn náà ṣì ni. Òfin Oúnjẹ àti Oògùn ilẹ̀ yìí sì ní àkójọ àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ polówó ìtọ́jú, ìdènà tàbí ìwòsàn wọn fún gbogbo ayé. Ìtọ̀ ṣúgà wà nínú rẹ̀, jẹjẹrẹ náà wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Agége):
Ẹ̀yin èèyàn mi, ewúro ń ṣiṣẹ́ o! Kí ló dé tí ẹ fẹ́ pa ọjà ọlọ́jà? Ọkọ mi ń mu omi ewúro láràárọ̀, ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n polówó rẹ̀.

Ìyá Apòògùn (Òṣogbo):
Ẹ kú ìtọ́jú wọn, Ìyá Ìbejì. Ṣé wọ́n ṣì ń lo oògùn ọsibítù mọ́ ọn?

Ìyá Ìbejì (Agége):
Wọ́n ń lò ó kẹ̀. Mẹtifọ́míìnì, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n sì ti fi ẹ̀bà alẹ́ sílẹ̀.

Ìyá Apòògùn (Òṣogbo):
Ta wá ni ká yìn nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? N kò ní ewúro kò lè ṣe nǹkan kan. Wọ́n ti rí i lára eku pé ó ń fa ṣúgà wálẹ̀, àmọ́ eku kọ́ ni Bàbá Ìbejì, a kò sì tíì ní ẹ̀rí tó tó lára èèyàn tí a fi lè sọ ìwọ̀n tí ẹnì kan yóò lò. Bí ó bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́, "kò léwu" inú ìpolówó yẹn di irọ́. Ẹni tó ń lo gílíbẹ́ńkílámáìdì tó tún fi ohun mìíràn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ kún un lè bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, kí ojú rẹ̀ máa ṣú. Nítorí náà, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò: àbí ó lágbára, àbí kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni Màmá Mọ́níyà. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé màmá náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò pèsè ínsúlíìnì rárá, bí ó bá "gbàgbé abẹ́rẹ́" fún ọjọ́ díẹ̀, èébì àti mímí gùle-gùle ni yóò bá a dé ọsibítù, bí ó bá débẹ̀.

Kọ́lá (Houston):
Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn. Ní Amẹ́ríkà níbí, òfin ọdún 1994 ló gba àwọn tó ń ta irú ọjà yìí láyè láti sọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe nínú ara, láìdárúkọ àìsàn. Ìlànà tí FDA, àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ NAFDAC níbí, gbé jáde ní 2000 wá ṣàlàyé ohun tó ń di ìlérí ìwòsàn láìlà á lẹ́nu. Kíka àmì àìsàn wà níbẹ̀, orúkọ ọjà wà níbẹ̀, àwòrán pàápàá wà níbẹ̀. Adébísí, "ṣúgà" inú orúkọ yẹn kò mọ́ o. Ẹ̀rí ẹni tó lo ọjà náà kò yọ. Ohun tí ìwọ ọlọ́jà kò lè fẹnu ara rẹ sọ, o kò lè fi sí Màmá lẹ́nu.

Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń ṣe máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. O lè ní ọjà rẹ ń jẹ́ kí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ tó ti wà ní ìwọ̀n rere dúró ní ìwọ̀n rere. O kò lè ní ó ń fà á wálẹ̀, nítorí ohun tó ga nìkan ni à ń fà wálẹ̀. "Dá padà sáyè rẹ̀" tiyín kò yàtọ̀ sí ìyẹn: ohun tó ti ṣáko lọ ni à ń dá padà.

Bàbá Olùkọ́ (Ìjẹ̀bú-Òde):
Ó dára, mo gbà níbi "dá padà". Àmọ́ kí ló burú nínú "fọ ẹ̀jẹ̀"? Àwọn baba wa ti ń sọ ọ́ kí FDA tó dáyé.

Ìyá Apòògùn (Òṣogbo):
Kò sí ohun tí a lè wọ̀n níbẹ̀, Bàbá. Bí mo bá bi olówò náà pé ìdọ̀tí wo ló jáde, kò ní rí èsì fún mi. Èyí tó tún burú ni pé àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́, "fífọ ẹ̀jẹ̀" ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó gbé ẹ̀mí wọn ró. Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n ní kó wá san owó ẹ̀rọ yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó wá gbọ́ pé kápúsù lásán ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Adébísí (Ìbàdàn):
Mo ti ka a sétí obìnrin tó ń ta káàdì níwájú ọ́fíìsì wa. Kò jẹ́ kí n parí tó fi ní, "Ẹ bá mi gba nọ́ḿbà wọn, ìtọ̀ ṣúgà ń da ẹ̀gbọ́n mi láàmú." Mo ti gbọ́. Mo tún kíyè sí i pé L ni ìgbẹ̀yìn nọ́ḿbà NAFDAC tó wà lára páálí.

Ìyá Apòògùn (Òṣogbo):
L yẹn túmọ̀ sí pé wọ́n kàn kọ ọjà náà sínú ìwé wọn. Ka ìsàlẹ̀ páálí náà, wàá rí i níbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. "NAFDAC fọwọ́ sí i" lòdì sí ohun tí páálí fúnra rẹ̀ ń sọ. Ka nọ́ḿbà náà jáde, kí o dákẹ́. Ìpolówó fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó dé orí afẹ́fẹ́. Àṣẹ títà kọ́ ni àṣẹ ìpolówó.

Adébísí (Ìbàdàn):
Mo ti tún un kọ. Ẹ bá mi wò ó:

"Ṣé ẹ fẹ́ràn ewúro, àmọ́ ẹ kò ráyè já a, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fún un? A ti bá yín sá a gbẹ, a lọ̀ ọ́, a dì í sínú kápúsù. Kápúsù kan, ewúro 500 milígíráàmù, kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Àfikún oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn, kò sì lè rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún yín. Ẹni tó bá ń lo oògùn ṣúgà tàbí tó lóyún, kó bi dókítà tàbí apòògùn rẹ̀ kó tó lò ó. Nọ́ḿbà NAFDAC wà lára páálí."

Bàbá Olùkọ́ (Ìjẹ̀bú-Òde):
Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ṣùgbọ́n "àfikún oúnjẹ" tutù ju. A ní "àgúnmu". Ohun tí a gún tí a ń mu kọ́ ni kápúsù yìí bí?

Ìyá Apòògùn (Òṣogbo):
Bí ẹ bá ní àgúnmu, ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ máa béèrè ni, "Àgúnmu kí ni?" Orúkọ àìsàn la fi ń dáhùn ìbéèrè yẹn: àgúnmu jẹ̀díjẹ̀dí, àgúnmu ibà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àsèjẹ, tó jẹ́ oúnjẹ lójú, tó jẹ́ oògùn nínú. Títutù tí "àfikún oúnjẹ" tutù ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀.

Kọ́lá (Houston):
Ohun kan ń kọ mí lóminú. "Ẹni tó bá ń lo oògùn ṣúgà" tí o fi sí i, ṣé kò tún mú àìsàn náà wọlé láti ẹ̀yìnkùlé? Olùgbọ́ lè rò pé "tí kò bá ní í ṣe pẹ̀lú ṣúgà, wọn kò ní dárúkọ rẹ̀".

Ìyá Apòògùn (Òṣogbo):
Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ n kò ní yọ ọ́, nítorí àwọn gan-an ni yóò sáré rà á, àwọn náà ló sì lè ṣe léṣe. Kí ẹni tó ń kà á má ṣáà sáré kọjá níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Kọ́lá (Houston):
Èmi ì bá kọ "ẹni tó bá ń lo oògùn èyíkéyìí". Ọ̀rọ̀ wa kò tíì dọ́gba níbẹ̀, Mà.

Adébísí (Ìbàdàn):
Orúkọ tí mo béèrè ńkọ́? Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ohun tí eèrà yẹn ṣe fún obìnrin oníkáàdì gan-an nìyẹn: wọ́n sọ àbọ̀, ó fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di odindi. Ṣé a kò lè pè é ní "ìlérí àbọ̀ ọ̀rọ̀"?

Ìyá Apòògùn (Òṣogbo):
Ó wọ̀ mí létí ju "abẹ́nú" lọ. Ohun tó wà lábẹ́nú, ńṣe ni wọ́n fi pa mọ́. Èyí kò pa mọ́ rárá, gbogbo wa la gbọ́ ọ.

Bàbá Olùkọ́ (Ìjẹ̀bú-Òde):
Mo takò ó. Ọ̀wọ̀ la fi ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọmọlúàbí. Ẹ kò gbọdọ̀ fi òwe ọ̀wọ̀ sọ orúkọ ẹ̀tàn. Mo dúró lórí "abẹ́nú" títí ẹnìkan yóò fi mú èyí tó sàn wá.

Adébísí (Ìbàdàn):
Ẹ ṣeun, Bàbá. Oníbàárà mi gba gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun náà, Màmá Mọ́níyà pàápàá ti yọ. Orúkọ ló ní òun kò lè yí, nítorí ó ti tẹ páálí púpọ̀. Mo ní kó lẹ orúkọ mìíràn mọ́ ọn lórí. Ó ní òun á rò ó. Bí kò bá yí i, n kò ní ka orúkọ ọ̀hún síta nínú tèmi.