Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń pe píìṣì àti bákíláàṣì ní Yorùbá?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mò ń túmọ̀ ìwé àtúnṣe dífírẹ́ńṣà mọ́tò fáwọn ọmọṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi l'Ábẹ́òkúta. Mo rí píìṣì, mo kọ "àlàfo", mo rí bákíláàṣì, mo tún kọ "àlàfo", mo bá tèmi lọ. Àfi bí ọmọ kan ṣe mú fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, tó ń kì í bọ àárín téèdì bóòtù M10, ó níwèé ní àlàfo ẹ̀ jẹ́ 1.5, òun wá a tì. Ojú tì mí gan-an. Géèjì náà tún ń dà mí láàmú, nígbà míì irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ni, nígbà míì ó jẹ́ bí páànù ṣe nípọn sí. Ẹ gbà mí.

Káfíńtà Ìbàdàn: Píìṣì kẹ̀? Bí òrùlé ṣe dagun sí ni o, tó bá tẹ́ jù omi á máa padà wọlé. Géèjì ò sì le, páànù 0.55 nípọn ju 0.45 lọ, nọ́ńbà tó bá tóbi ló nípọn, ó parí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé bọ̀ọ̀dá, àmọ́ ọ̀rọ̀ bóòtù la wà o 😀

Aunty Oníwáyà: Káfíńtà, kò parí o! Wáyà tí wọ́n ń ta ní géèjì, òdìkejì ni, 16 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.6 mm, 18 ò ju nǹkan bí 1.2 lọ. Bí nọ́ńbà ṣe ń ga ló ń tín-ín-rín. Nọ́ńbà tiyín, milimítà gan-an ni wọ́n ń pè ní géèjì fún yín. Olùbéèrè, ibi tó bá ti jẹ́ bí nǹkan ṣe nípọn, kọ milimítà sí i kó o sinmi, irinṣẹ́ nìkan ni kó o fi géèjì sílẹ̀ fún.

Ọmọ Tẹ́ẹ̀kì: Píìṣì ò nira, kọ "ìrìn". Yí nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan poo, bó ṣe rìn sí náà ni. M10 yẹn á rìn milimítà kan àtààbọ̀.

Tọ́nà Àgbà: Àbúrò, ó kù díẹ̀. Ìyẹn rí bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé téèdì kan ṣoṣo ló lọ́ mọ́ bóòtù. Ọ̀pá T8 tó wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ 3D ńkọ́? Láti eyín kan sí ìkejì 2 mm ni, ṣùgbọ́n tó o bá yí i lẹ́ẹ̀kan 8 mm ló ń rìn, torí téèdì mẹ́rin ló jọ lọ́ mọ́ ọn. Èmi máa ń kọ "eyín-dé-eyín". Kí ọmọ yẹn gbé rúlà, kó wọ̀n láti orí eyín kìíní dé orí ìkọkànlá. Ìkọkànlá ni mo wí o, tó bá dúró lórí ìkẹwàá ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ló wọ̀n. Tó bá rí 15 mm, 1.5 ni. Tó bá rí 12 àtààbọ̀, M10 eléyín wẹ́wẹ́ nìyẹn, 1.25, nọ́ọ̀tì 1.5 á wọ̀ ọ́ bí ìyí méjì mẹ́ta, á wá há, ẹni tó bá fi sípánà fipá mú un ti ba téèdì jẹ́. Tó bá jẹ́ ti gíà, kì í ṣe ṣónṣó orí eyín la ti ń wọ̀n ọ́n, ìsàlẹ̀ díẹ̀ níbi táwọn gíà méjèèjì ti ń kanra ni.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun sà. Bákíláàṣì wá ńkọ́? Ìwé ní 0.13 sí 0.18 mm.

Tọ́nà Àgbà: Àlàfo kọ́ o. Di píníọ̀nù, gíà kékeré yẹn, mú kó má yí rárá, kó o wá fọwọ́ mi gíà ńlá síwá sẹ́yìn. Bó ṣe ń mì sí kí eyín tó kan eyín nìyẹn, dáyà géèjì lẹ máa gbé ti ẹ̀gbẹ́ eyín gíà ńlá láti kà á. Pléè làwọn mẹ́káníìkì ń pè é.

Ọmọ Tẹ́ẹ̀kì: Ṣé kò sàn kí wọ́n fún un pa kó má mì rárá?

Tọ́nà Àgbà: Kí epo wá gba ibo wọlé? Irin tó bá gbóná á wú, gíà á máa hu, á sì jẹra ẹ̀. Tó bá tún pọ̀ jù, bí wọ́n bá ki mọ́tò sí gíà báyìí wà á gbọ́ gbàà lẹ́yìn.

Olùbéèrè: Mo ti yí gbogbo píìṣì sí eyín-dé-eyín. Mo ka pléè sétí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní rárá o, pléè ni wọ́n ń pe bíárìn tó ti jẹ, ọmọṣẹ́ tó bá rí i níwèé á rò pé nǹkan ti bàjẹ́ ni, á lọ fún un pa.

Aunty Oníwáyà: Òótọ́ ni o. "Ìmì eyín" ńkọ́?

Tọ́nà Àgbà: Eyín arúgbó lò ń sọ yẹn 😂 Ẹ fi bákíláàṣì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre, bí wọ́n ṣe máa bi wọ́n ní Ládìpọ̀ náà nìyẹn.

Olùbéèrè: Ìmì eyín ni mo kọ sí i báyìí ná, mo fi bákíláàṣì síwájú ẹ̀. Lọ́la màá fún ọmọ onífílà géèjì yẹn kà, ká wo ohun tó máa gbé dání.