Kí ni mo lè kọ sí àwọn máníjà lórí LinkedIn tí wọn ò ní rò pé ọjà ni mo fẹ́ tà?

Oníṣólà Ìbàdàn: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. LinkedIn yìí ti sú mi. Ọ̀pọ̀ máníjà tí mo ní ká jọ mọra níbẹ̀, wọn kì í dá mi lóhùn. Dátà wọ́n, iná ò sí, mo tún wọ kóòtù lọ ya fọ́tò tuntun! N kì í dárúkọ owó nínú ọ̀rọ̀ tí mo fi ń kàn sí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa kọ?

Ìyá Ìbejì: Má kọ nǹkan kan. Tẹ Connect, kó o máa lọ. Bí èmi ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́n sì ń gbà mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mà, olùkọ́ ni yín, àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ yín lẹ̀ ń kàn sí. Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ gùn dáadáa kí wọ́n lè mọ̀ yín.

Agbaniṣíṣẹ́ Èkó: Àyè gígùn dà? Ẹni tí kò sanwó fún LinkedIn, lẹ́tà àti àmì 200 péré ni, àlàfo wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rí ohun tí ẹ kọ.

Oníṣólà Ìbàdàn: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. A lè jọ ṣe nǹkan tó máa ṣe wá láǹfààní. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 15." Ọjà dà níbẹ̀?

Agbaniṣíṣẹ́ Èkó: Ìṣẹ́jú 15 yẹn ni. Ẹ̀ ń tọrọ àkókò lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò tíì kí tán. Kí ló wà lábẹ́ orúkọ yín?

Oníṣólà Ìbàdàn: "Mo ń bá ilé-iṣẹ́ dín owó dísù kù." Iṣẹ́ mi nìyẹn, ṣé kí n fi pamọ́ ni?

Agbaniṣíṣẹ́ Èkó: Rárá. Àmọ́ ìlà yẹn máa ń hàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yín, ìpolówó ni wọ́n sì ń rí. Ẹ kọ "Ẹnjiníà sólà, Ìbàdàn". Ta lẹ fẹ́ kọ sí, kí ló sì kọ láìpẹ́ yìí?

Oníṣólà Ìbàdàn: Ọ̀kan ń bójú tó ilé ẹja dídì. Ó ní bátìrì àwọn ò pé ọdún méjì tó fi kú.

Agbaniṣíṣẹ́ Èkó: Bí ẹ bá ti tún irú rẹ̀ ṣe rí, ẹ kọ: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lórí bátìrì tó tètè kú. Ẹnjiníà sólà ni mí. Ooru ló pa ti ibi kan tí mo tún ṣe. Mo fẹ́ máa ka ohun tí ẹ ń kọ." Ẹ má béèrè nǹkan kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ọjà ló ṣì fẹ́ tà. Ṣé ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn?

Agbaniṣíṣẹ́ Èkó: Ó sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀tàn ibo?

Oníṣólà Ìbàdàn: Àwọn kan gbà mí o. Lọ́jọ́ náà ni mo máa ń fi pídíẹ́fù iye owó ránṣẹ́, wọ́n á sì yọ mí. Ṣé kí n fagi lé àwọn tí kò dáhùn, kí n tún un kọ?

Ìyá Ìbejì: Lọ́jọ́ náà kẹ̀? Èmi náà á yọ ẹ́!

Agbaniṣíṣẹ́ Èkó: Ẹ ò sọ èyí látòní! Pídíẹ́fù yẹn ló ń lé wọn. Bí ẹ bá tẹ Withdraw, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó tún lè kàn sí ẹni náà. Ẹ tún ìlà abẹ́ orúkọ yín ṣe ná.

Oníṣólà Ìbàdàn: Ìgbà wo wá ni kí n sọ iye owó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Bí wọ́n bá béèrè.

Oníṣólà Ìbàdàn: Bí wọn ò bá béèrè ńkọ́?