Orúnkún màmá mi àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ní Kàbà níbí, lìsínópírìlì àti oògùn amúnitọ̀ ni màmá mi ń lò sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Orúnkún wá ń dùn wọ́n, ni wọ́n bá ń gbé ìbùpùrófìn 400 mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kúrò ní 130/80, ó di 168/96, ẹsẹ̀ wọn wú débi pé bàtà ò gbà wọ́n mọ́.

Nọ́ọ̀sì ní ìbùpùrófìn ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára, àti pé tí oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá pàdé, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n lo parasítámọ̀. Màmá ní ìyẹn ò yàtọ̀ sí ẹfun! Kí lẹ fi tọ́jú orúnkún tiyín? Ṣé ó yẹ kí a yẹ kíndìnrín wọn wò báyìí?