Bescheid inú àpò yẹ́lò: ọjọ́ wo ni Frist bẹ̀rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ NRW
Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jámánì, lẹ́tà méjì ni mo gbà lórí ìwé ìgbélùú mi. Èyí àkọ́kọ́ dé ní oṣù kẹsàn-án 2025, "Anhörung" ló wà lórí rẹ̀. Ara mi ń gbọ̀n nígbà tí mo rí "ablehnen", torí mo mọ̀ pé kíkọ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n wo "beabsichtige ich" tó ṣáájú rẹ̀: wọ́n ń gbèrò láti kọ̀ ni, wọn ò tíì kọ̀. Wọ́n fẹ́ gbọ́ tẹnu mi ná, wọ́n sì dá Frist, ọjọ́ tí èsì mi gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀rí owó ni wọ́n ń bèèrè, yúrò 11,904 tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi hàn fún ọdún kan. Mo fi ìwé báńkì ránṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé.

Oṣù kọkànlá ni èkejì wọlé nínú àpò yẹ́lò. Ẹni tó gbé e wá ti fi bírò kọ 14.11.25 sára àpò náà. Bescheid ni, ìpinnu ti délẹ̀: wọ́n ní àwọn ò rí ìwé báńkì kankan! Ọjọ́ 11 ni wọ́n tẹ̀ sórí lẹ́tà fúnra rẹ̀. Mo rìnrìn àjò nígbà yẹn, ọjọ́ Ajé 17 ni mo ṣí àpótí. Ní ojú ewé ìkẹyìn, lábẹ́ "Rechtsbehelfsbelehrung", wọ́n kọ ọ́ pé mo lè pe ẹjọ́ ní Verwaltungsgericht láàárín oṣù kan. Nínú ọjọ́ mẹ́ta yìí, èwo lẹ̀yin máa ń kà?

Bàbá Tọ́lá
Ọjọ́ tó o ṣí i ni, ọmọ mi. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ dáhùn lẹ́tà tí kò tíì kàn án lọ́wọ́? Nígbà tèmi ní Hamburg, mi ò dé kóòtù rárá. Widerspruch ni mo kọ, mo fi íméèlì ránṣẹ́, wọ́n sì dá mi lóhùn.

Àǹtí Agbaninímọ̀ràn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kà á láti 17. Tó bá ti jẹ́ àpò yẹ́lò, ọjọ́ tí wọ́n fi bírò kọ sára rẹ̀ la máa ń kà, kódà bó ṣe inú àpótí ni wọ́n jù ú sí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn ju àpò náà nù. Oṣù kan láti 14 oṣù kọkànlá parí ní 14 oṣù kejìlá. Ọjọ́ Àìkú nìyẹn, torí náà ó sún di Ajé 15. Ẹni tó bá kà á láti 17 á pẹ́ ju ìyẹn lọ ní ọjọ́ méjì, kóòtù kò sì ní wo ẹjọ́ rẹ̀ mọ́, àfi tó bá ní ìdí tó lágbára. Lẹ́tà lásán ló yàtọ̀: láti January 2025, ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n fi í síta ni òfin kà sí ọjọ́ tó dé.

Ti Widerspruch, ọ́fíìsì lẹ ń ní kó tún ìpinnu ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Hamburg ṣì ní in, àmọ́ ní Nordrhein-Westfalen kóòtù ni wọ́n máa ń lọ tààrà. Ohun tí ojú ewé ìkẹyìn bá wí ni kí ẹ ṣe. Íméèlì lásán kò tó fún ìkankan nínú méjèèjì. Ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ni kó dé ibẹ̀, kó má ṣe ṣì wà lọ́nà lọ́jọ́ tí Frist pé. Ẹni tí kò ní lọ́yà lè lọ bá Rechtsantragstelle ní kóòtù, akọ̀wé á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àlàyé kíkún lè tẹ̀ lé e.

Ìyá Ìbejì
Háà! Familienkasse fi Bescheid ránṣẹ́ sí mi lánàá, owó àwọn ọmọ ni. Ṣé kí èmi náà tètè pe ẹjọ́?

Àǹtí Agbaninímọ̀ràn
Rárá o, Ìyá Ìbejì. Ìpinnu ni Bescheid, ó lè dáa, ó lè burú. Tẹ́ ẹ bá rí "festgesetzt" àti iye owó, wọ́n ti gbà nìyẹn. Ẹ kàn wò ó bóyá iye náà àti orúkọ àwọn ọmọ pé.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Èmi kọ "Fristverlängerung" sí wọn nígbà tí Anhörung tèmi dé, mo ní ìwé ṣì ń bọ̀ láti Nàìjíríà. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Akẹ́kọ̀ọ́, ìwọ náà bèèrè.

Àǹtí Agbaninímọ̀ràn
Ó ṣeé ṣe fún tìẹ torí ọ́fíìsì ló dá ọjọ́ yẹn fúnra rẹ̀. Oṣù kan tó wà nínú Bescheid yìí, òfin ló dá a, kò sẹ́ni tó lè fi kún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ NRW
Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. Ohun tí lọ́yà mi sọ náà nìyẹn, ó sì gbé ẹjọ́ wọlé ṣáájú 15. Ó ní ẹjọ́ nìkan kò dá ìpinnu wọn dúró, torí náà ó kọ ìbéèrè kejì sí kóòtù pé kí wọ́n dá a dúró ná. Wọn ò tíì dáhùn. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ń bèèrè ìwé tó fi hàn pé mo ṣì lè máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ńkọ́, ìwé wo lẹ gbé fún wọn?